Ilẹ̀ Ti Gbẹ, Ta Ló Gbọ́n Omi?

Nígbà tí ìjọba Lateef Jakande ń kọ́ ẹ̀sítéètì wa yìí ní Ìsọlọ̀, láàárín ọdún 1979 sí 1983, òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. N kò rò pé wọ́n ní òjò ìsinsìnyí lọ́kàn. Àwa tí a ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Bí òjò oṣù kẹfà bá ti bẹ̀rẹ̀ lóru, kálukú á dìde wá ìgbálẹ̀ àti abọ́. Lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀ kan, mo yọjú sí fúláàtì méjì tó kọjú síra ní búlọ́ọ̀kù wa ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ilẹ̀ méjèèjì gbẹ. Nínú ọ̀kan, gọ́tà ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ìyá tó ń gbé ibẹ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá omi díẹ̀ tó wọlé síta, ó sì padà lọ sùn. Nínú èkejì, gọ́tà ti dí. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ti ń fi abọ́ gbọ́n omi láti aago méjì òru, ojú wọn pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ wọn bó. Ẹni tó bá yọjú láti ẹnu ọ̀nà tó wo ilẹ̀ nìkan, yóò ní bákan náà ni ilé méjèèjì rí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ láàbù kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ òjò yẹn, ìtàn ilé méjì yìí ni mo máa ń sọ bí ará àdúgbò bá mú ìwé àyẹ̀wò ṣúgà wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni omi. Ínsúlíìnì ni àwọn tó ń gbọ́n ọn. Àyẹ̀wò ṣúgà á sọ fún ọ bí ilẹ̀ ṣe gbẹ tó, kò ní sọ iye ẹni tí kò fojú kan oorun kí ilẹ̀ tó gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé méjì lára àwọn tí wọ́n mú wá. Ọ̀kan jẹ́ ti Dádì Tọ́lá tó ń gbé lókè wa, ẹni ọdún 46, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Víkitóríà Àílàǹdì. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé, orí ìjókòó ló sì ti ń lo ọjọ́ náà tán, nínú ọkọ̀ àti lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì jẹ́ ti Ìyá Kẹ́hìndé tó ń din ẹja tà nítòsí géètì, tó fi ọdún mẹ́wàá dàgbà jù ú lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn méjèèjì láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ṣúgà àwọn méjèèjì sì jẹ́ 5.2 mílímóòlù nínú lítà kan. Láti 7.0 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ. Àwọn dókítà àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú láti 5.6, Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 6.1. Ká ní ibi ṣúgà la dúró sí, a óò kí àwọn méjèèjì kú oríire.

Ṣùgbọ́n ìlà kejì wà lórí ìwé méjèèjì: ínsúlíìnì àìjẹun àárọ̀. Máíkíró-yúnìtì nínú mílílítà kan ni wọ́n fi ń kà á. Ti Ìyá Kẹ́hìndé jẹ́ 5. Ti Dádì Tọ́lá jẹ́ 19.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí nígbà tí ẹnì kankan nínú wọn kò tíì fi nǹkan kan ẹnu? Lóru, bí a bá ń sùn, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọpọlọ má baà pebi. Páńkíríàsì, ẹ̀yà ara tẹ́ẹ́rẹ́ tó sá pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, ń fi ínsúlíìnì kékeré ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ pé kó rọra ṣe. Ara tó ń gbọ́ràn kò nílò ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Nínú ara mìíràn, ẹ̀dọ̀ àti iṣan ti kọ etí ikún sí ínsúlíìnì. Àfi kí páńkíríàsì pariwo. Ó pariwo, wọ́n gbọ́, ṣúgà sì dúró síbi tó yẹ kó dúró. Páńkíríàsì tó lágbára lè pariwo báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ohùn rẹ̀ tó há. Ọjọ́ tí ohùn bá há ni ṣúgà yóò gòkè, ọjọ́ yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àtọ̀gbẹ dé bá àwọn lójijì.

Ariwo náà máa ń hàn sára nígbà mìíràn. Ọrùn Dádì Tọ́lá dúdú lẹ́yìn, ó nípọn, ó rí bí aṣọ àrán. Ìyàwó rẹ̀ ti fi kànìnkànìn bó o títí, kò kúrò, nítorí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ínsúlíìnì tó pọ̀ jù máa ń mú kí awọ ara nípọn níbi tó bá ti ṣẹ́ po, bí ọrùn àti abíyá. Ọrùn yìí, ikùn tó yọ, àti bàbá rẹ̀ tí àtọ̀gbẹ pa, ló jẹ́ kí dókítà rẹ̀ béèrè fún àyẹ̀wò ínsúlíìnì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wọ kílíníìkì ni wọ́n ń ṣe é fún, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo èyí tí mo ṣe láyé mi lọ, ìdí rẹ̀ sì ni bí wọ́n ṣe rí i. Ní ọdún 1936, Harold Himsworth ní Lọ́ńdọ̀nù ti fura pé àtọ̀gbẹ pín sí oríṣi méjì. Ó fún àwọn aláìsàn ní ṣúgà mu, ó sì gún wọn ní ínsúlíìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àwọn kan, ínsúlíìnì mú ṣúgà mọ́lẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ó dà bí ẹni pé wọn kò gún wọn rárá. Ó rí etí ikún náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó lè fi ka ínsúlíìnì inú ẹ̀jẹ̀, nítorí ó kéré jọjọ. Ó di ìparí àwọn ọdún 1950 kí Rosalyn Yalow àti Solomon Berson tó rí ọ̀nà sí i, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Bronx, Niú Yọ́ọ̀kì. Wọ́n ti kíyè sí i pé ara ẹni tí wọ́n ti ń gún ní ínsúlíìnì ẹranko máa ń ṣe èròjà kan tó ń gbá ínsúlíìnì mú. Ohun tí wọ́n fi èròjà náà ṣe ni mo gbóṣùbà fún.

Ẹ fojú inú wo dánfó tó ń gba èrò mẹ́rìnlá nítòsí géètì Jákàńdè. Èmi fi ogún èrò tó dé fìlà pupa síbẹ̀. Mo mọ iye wọn. Ìwọ náà kó èrò tìrẹ wá, tí kò dé fìlà, n kò sì mọ iye wọn. Gbogbo wọn jọ du àyè. Bí ọkọ̀ bá kún, n kò nílò láti ka èrò tìrẹ. Fìlà pupa tó ráyè jókòó ni màá kà. Bí fìlà pupa inú ọkọ̀ bá ṣe dín kù tó, bẹ́ẹ̀ ni èrò tìrẹ ṣe pọ̀ tó. Èròjà tó ń gbá ínsúlíìnì mú ni àyè ìjókòó. Ínsúlíìnì tí wọ́n so ayọ́díìnì tó ń tan ìtànṣán mọ́ lára ni ó dé fìlà pupa. Ínsúlíìnì aláìsàn ni èrò àìmọye. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà yìí wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àtọ̀gbẹ mú ní àgbà, ohun tí wọ́n rí ya gbogbo èèyàn lẹ́nu: ínsúlíìnì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Berson kú ní ọdún 1972. Yalow nìkan ló kù láti gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1977. Ẹ̀rọ òde òní kò lo ìtànṣán mọ́, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi èròjà méjì ki ínsúlíìnì mọ́ àárín, bí ẹran inú búrẹ́dì.

Ìwé Dádì Tọ́lá tó ní 19 yìí kì í ṣe ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ sọ pé ínsúlíìnì rẹ̀ jẹ́ 7, ṣúgà rẹ̀ 4.3. Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Mo wo ìwé, mo wo ọrùn rẹ̀, àwọn méjèèjì kò bára mu. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ẹnì kan ti fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé omi ẹ̀jẹ̀ náà pọ́n. Mo bi í léèrè bí wọ́n ṣe gbà á.

Ó ní, “Dádì, wọ́n gbà á níbì kan lójú ọ̀nà iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe é níbẹ̀, wọ́n máa gbé e lọ síbòmíràn.”

“Inú kí ni wọ́n fi sí?”

“Túùbù kan ṣoṣo ni mo rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ.”

Ohun méjì ló ti bàjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú túùbù kò tíì kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà, ní ìwọ̀n bíi márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan, ó sì ń yá sí i bí ooru bá mú. Ìdí nìyẹn tí túùbù ṣúgà fi ní ìdérí aláwọ̀ eérú, tí fulóráìdì wà nínú rẹ̀ láti dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Túùbù ínsúlíìnì yàtọ̀ sí i. Èkejì sì burú jù. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tagbáratagbára, tàbí bí ọ̀kadà bá jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́. Inú wọn ni èròjà kan wà tó ń jẹ ínsúlíìnì run. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́ tí ooru sì wà, ínsúlíìnì yóò máa dín kù kí ẹ̀rọ tó fojú kàn án rárá. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ohun tó kù ló kà. Omi ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n dípò kó ní àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì ni àmì tí ojú lásán lè rí, láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ka ínsúlíìnì lórí irú rẹ̀. Yóò ní kí aláìsàn padà wá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó lọ sí ibi tí ẹ̀rọ wà gan-an. Kò jẹun láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, omi lásán ló mu. Wọ́n gbà á sínú túùbù méjì, wọ́n jẹ́ kí ti ínsúlíìnì dì, wọ́n yí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì yọ omi rẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín wákàtí kan, ó di inú fíríìjì. Ibẹ̀ ni 19 ti wá, tí ṣúgà sì di 5.2.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò wa náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Oògùn irun àti èékánná tí wọ́n ń gbé mì kún fún báyótìnì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń lo báyótìnì láti fi so nǹkan pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlíìnì á kéré lórí ìwé láìkéré nínú ara. Kí wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n sì sọ fún láàbù pé wọ́n ń lò ó.

Ẹ padà wo 19 náà. Ìwé láàbù kò fi àmì kankan sí i, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń kọ ọ́ pé láti bíi 3 títí dé 25 ló dára. Àwọn tó ń rìn káàkiri láìṣàìsàn ni wọ́n fi wọn àlà yẹn, etí ikún sì wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn káàkiri. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ka ínsúlíìnì lóun nìkan. Ní ọdún 1985, David Matthews àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford gbé ìṣirò kan jáde tó so ó pọ̀ mọ́ ṣúgà:

```
HOMA-IR = (glucose × insulin) / 22.5
```

22.5 yẹn kì í ṣe àdììtú. Wọ́n mú ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 4.5 tí ínsúlíìnì rẹ̀ sì jẹ́ 5. Ìlọ́po méjèèjì ni 22.5, kí ẹni náà lè jẹ́ 1. Nítorí náà, ohun tí èsì ń sọ ni ìlọ́po mélòó iṣẹ́ ẹni náà ni ara tìrẹ ń ṣe. Ti Ìyá Kẹ́hìndé: 5.2 lọ́nà 5 jẹ́ 26; bí a bá fi 22.5 pín in, ó di 1.2. Ti Dádì Tọ́lá: 5.2 lọ́nà 19 jẹ́ 98.8, ó di 4.4. Ṣúgà kan náà, ṣùgbọ́n ilé kan ń fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin òógùn èkejì rà á. Bí láàbù bá fi mílígíráàmù kọ ṣúgà, 405 ni a ó fi pín in dípò 22.5. Mo ti rí ẹni tó gbàgbé èyí, tí èsì rẹ̀ jẹ́ 79, tí gbogbo ilé sì ti ń sunkún.

Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo èsì yìí tìfuratìfura láti 2 tàbí 2.5, àlà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé gbà kò sí. Ẹ̀rọ láàbù méjì lè ka ẹ̀jẹ̀ kan náà sí iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Páńkíríàsì pàápàá kì í tú ínsúlíìnì jáde bí omi ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan síra ló ń rọ́ ọ jáde, bí ìgbì. Fún ìdí èyí, àwọn olùṣèwádìí máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú márùn-ún síra, kí wọ́n tó fi àárín rẹ̀ ṣírò. Èyí kò ṣeé ṣe fún wa nínú ìgbòkègbodò Èkó. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí èèyàn má ṣe pààrọ̀ láàbù láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì.

Ẹnì kẹta wà tí ìwé rẹ̀ kọ́ mi ju ti àwọn méjì yìí lọ. Fọkanáísà ni, ẹni ọdún 38, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, kò ní ikùn, ọrùn rẹ̀ mọ́. Ṣúgà rẹ̀ láàárọ̀ jẹ́ 6.5, ínsúlíìnì rẹ̀ 4. Ẹ ṣírò ó: 6.5 lọ́nà 4 jẹ́ 26, èsì rẹ̀ 1.2. Ó bá ti Ìyá Kẹ́hìndé mu rẹ́gí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó mú ìwé wá rí 1.2, ó ní, “A dúpẹ́ o, Bàbá, ara rẹ̀ le.” Ara rẹ̀ kò le. Omi ti ń yọ sí ilẹ̀ ilé rẹ̀, ó yẹ kí páńkíríàsì ti jí gbogbo ará ilé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì rí tó ń gbọ́n. Kì í ṣe etí ikún ló ń ṣe é. Ohùn ni kò sí. Ẹni tó bá wo HOMA-IR nìkan kò ní rí i, ẹni tó bá wo ṣúgà nìkan yóò rò pé àìsàn kan náà ló ń bọ̀ wá bá fọkanáísà náà àti Dádì Tọ́lá, yóò sì máa sọ fún ẹni tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ pé kó dín ara kù.

Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ní Bethesda ní Amẹ́ríkà, Anne Sumner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tó ṣí lọ síbẹ̀, ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, pàápàá àwọn tí kò sanra, àìtó ínsúlíìnì ló fà á ju etí ikún lọ. Sumner náà wà lára àwọn tó fi hàn pé ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí àwọn òyìnbó ń lò, tí wọ́n ń fi oríṣi ọ̀rá méjì nínú ẹ̀jẹ̀ díwọ̀n etí ikún, kò ṣeé gbára lé nínú ara aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rá wa lè kéré lórí ìwé nígbà tí gọ́tà ti dí. Ìlà méjèèjì, ṣúgà àti ínsúlíìnì, ni kí a kọ́kọ́ tò síra wọn kí a tó wo ohun tí ìṣirò sọ. Mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà mú ìwé rẹ̀ lọ bá dókítà àtọ̀gbẹ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Dádì Tọ́lá kò gba oògùn kankan. Dókítà rẹ̀ ní kó jẹun alẹ́ kó tó ṣú ju, kó fi mínírà sílẹ̀, kó sì máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ilé, kó fẹsẹ̀ rìn wọlé. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ lè gba ṣúgà wọlé láìdúró de ínsúlíìnì, ìyẹn sì ni ìsinmi fún páńkíríàsì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó padà sí láàbù kan náà. Ṣúgà 5.1, ínsúlíìnì 11, èsì 2.5. Ká ní láti 19 sí 16 ni, n kò ní sọ nǹkan kan, ìgbì lásán lè fà á.

Ìyàwó rẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tẹjú mọ́ ọn. “Dádì, ẹ má bínú o. Ṣúgà jẹ́ 5.2 nígbà yẹn, ó jẹ́ 5.1 báyìí. Kí wá ni ẹ̀yin àti Dádì Tọ́lá ń yọ̀ sí?”

Ọkọ rẹ̀ fi ìka sí ìlà kejì. Ìyàwó kà á, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣírò, ó sì gbójú sókè.

“Àwọn mẹ́jọ tó kù ńkọ́?”

Mo ní, “Wọ́n ti lọ sùn.”